Ọwọ́ Oníbọ̀ọ̀lì ní Rumuola

Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin péré ni àwòrán náà. Obìnrin kan jókòó sẹ́yìn ìdajì dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n tẹ́ irin lé lórí. Èédú ń jó lábẹ́, bọ̀ọ̀lì márùn-ún wà lórí irin, ẹja méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Obìnrin náà nawọ́. Kò fi ẹ̀mú mú nǹkan kan, ìka lásán ló fi yí bọ̀ọ̀lì kan padà, ó yára fa ìka sẹ́yìn, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó wá gbójú sókè sí oníbàárà, ó ní: “Ẹ gba bọ̀ọ̀lì, ó gbóná, epo ẹ̀ pọ̀!” Ó tán. Ẹni tó bá ń wò ó lórí fóònù lè ṣẹ́jú kó má rí ìdajì rẹ̀.

Inú yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nítòsí títì Rumuola ní Pọ́tákọ́ọ̀tù, ni wọ́n ti ń ya á. Ìjẹ̀ṣà ni bàbá àti ìyá ọmọbìnrin tó ń ya á, ṣùgbọ́n ibí ni wọ́n bí i sí, ibí ló dàgbà sí. Ó ń sọ Ìkwéré bí ọmọ onílẹ̀, Yorùbá ilé ló sì ń bá mi sọ. Ó ní kí n má dárúkọ òun, n ò sì ní dárúkọ rẹ̀. Káàtúùnù oníṣẹ́jú méjì ló gbà ṣe fún àwọn ọmọdé, wọ́n á sọ ọ́ ní pijin, ní Ìkwéré àti ní Yorùbá. Torí ti Yorùbá yẹn ni mo ṣe débẹ̀, ó fẹ́ kí etí mìíràn bá òun gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń pín iṣẹ́ náà láàárín ọwọ́ ara rẹ̀ àti ẹ̀rọ ló mú kí n jókòó pẹ́.

Ìṣirò iṣẹ́ náà kò fún ẹnì kan ṣoṣo láàyè láti máa gbéraga sí ẹ̀rọ. Férémù 24 ló ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn tó ń fọwọ́ ya káàtúùnù sábà máa ń jẹ́ kí àwòrán kan gba férémù méjì, nítorí náà àwòrán 12 ni ìṣẹ́jú-àáyá kan ń jẹ. Ìṣẹ́jú méjì á jẹ 1,440, ìyẹn tó bá jẹ́ ẹyọ ènìyàn kan ló ń rìn nínú rẹ̀. Iléeṣẹ́ ńlá a máa pín irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. Òun nìkan ni, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan àti jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń dá owó epo rẹ̀ jọ nínú ilé.

Láti ọdún 2022 tí Stable Diffusion ti jáde, tí ẹnikẹ́ni tó ní kọ̀ǹpútà tó lágbára lè gbé ẹ̀rọ tó ń fúnra rẹ̀ yàwòrán sílé, ohun tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ayàwòrán ni pé kí ènìyàn kọ ìtàn, kí ẹ̀rọ ya ẹ̀yìn àwòrán. Kí ènìyàn ya ojú, kí ẹ̀rọ ya ìyókù. Wọ́n ń pín in ní ìpele-ìpele. Bí ẹ̀rọ bá ti lè ṣe ìpele kan, wọ́n á gbé e fún un pátápátá. Ọmọbìnrin yìí kì í pín in bẹ́ẹ̀. Mo bi í léèrè bó ṣe ń mọ èyí tó máa gbé sílẹ̀.

“Bọ̀dá, mi ò kì í bi ara mi pé ṣé ẹ̀rọ lè ṣe é,” ló sọ. “Ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé, tó bá bà á jẹ́, ibo ni màá ti rí i?”

Ó gbà mí ní àkókò kí n tó rí bí ìbéèrè yẹn ti jinlẹ̀ tó. Àṣìṣe kan wà tó jẹ́ pé bó bá ti yọjú lórí kọ̀ǹpútà, ojú ti rí i. Wàá sọ ọ́ nù, wàá ní kó ya òmíràn, ohun tó ná ẹ kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ àti iná mànàmáná lọ. Òmíràn sì wà tó máa fara pamọ́. Wàá kun ọ̀dà sí i, wàá gbé ohùn lé e, wàá tò ó mọ́ àwọn tó ṣáájú àti àwọn tó tẹ̀lé e, ìgbà tí o bá wá ń wo gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni nǹkan kan máa ṣe ẹ́ lójú, o ò sì ní mọ ibi tó ti wá. Irú èyí ló ń fi sọ́wọ́ ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni méjèèjì wà nínú gbogbo ìpele. Kò sí ìpele tó jẹ́ ti ẹ̀rọ, kò sí èyí tó jẹ́ ti ọwọ́. Inú ìpele kọ̀ọ̀kan ni ọ̀bẹ ń gbà.

Ẹ wo ẹ̀yìn àwòrán, èyí tí gbogbo ayé rò pé ẹ̀rọ ti gbà tán. Ní oṣù kíní ọdún 2023, Netflix ní Japan gbé káàtúùnù kékeré kan jáde, ti ajá kan tó jẹ́ ẹ̀rọ àti ọmọkùnrin kan, èyí tí àwọn àti iléeṣẹ́ WIT Studio jọ ṣe. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ya ẹ̀yìn àwòrán rẹ̀. Wọ́n ní torí pé ènìyàn kò tó nínú iṣẹ́ náà ni, àwọn ayàwòrán sì bínú gidigidi, pàápàá nígbà tí wọ́n rí i nínú orúkọ àwọn oníṣẹ́ ní ìparí pé “AI (+Human)” ni wọ́n kọ síbi ẹni tó ya ẹ̀yìn àwòrán. Ìbínú yẹn tọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fi bí iṣẹ́ náà ṣe lọ hàn ní ìparí yẹn kan náà: ènìyàn ló kọ́kọ́ fọwọ́ ya ìlà ibi tí gbogbo nǹkan máa wà, ẹ̀rọ gbà á, ó kùn ún, ó tún un kùn, ènìyàn tún gbà á padà, ó fọwọ́ tún un ṣe. Ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí wà lọ́wọ́ ènìyàn, àárín nìkan ni ti ẹ̀rọ. Ó dùn mí pé ẹni tó ṣe apá méjèèjì yẹn ni wọn kò dárúkọ.

Bí ọmọbìnrin yìí náà ṣe ń ṣe é nìyẹn, ó kàn mọ ìdí rẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ìkọ̀kọ̀ tó wà nínú ẹ̀yìn àwòrán ni ìlà ojú, ìyẹn ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run máa ti pàdé bí kò bá sí ilé tó dí wa. Ibẹ̀ ni gbogbo etí òrùlé, etí ògiri àti etí títì ń fà sí. Oníbọ̀ọ̀lì tó jókòó ní láti wà ní ìbámu pẹ̀lú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á dà bí ẹni tó léfòó tàbí tó rì sínú ilẹ̀. Ẹ̀rọ á ya ògiri tó rẹwà, á ya títì tó rẹwà, ṣùgbọ́n ògiri ń fà sí ibì kan, títì ń fà sí ibòmíràn. Bí o bá wò ó lásán, o ò ní rí i. Ìgbà tí obìnrin bá jókòó síwájú rẹ̀ ni wàá máa rò pé ìjókòó ni kò yà dáadáa, wàá máa tún obìnrin ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú. Torí náà ló ṣe máa ń fi rúlà fa àwọn ìlà wọ̀nyẹn fúnra rẹ̀ kó tó fún ẹ̀rọ ní ohunkóhun. ControlNet, tó jáde ní ọdún 2023, ló ń lò láti fi ipá mú ẹ̀rọ tẹ̀lé ìlà rẹ̀. Bí àwòrán bá sì ti dé, ó máa ń gbé rúlà kan náà lé e padà. Bí etí òrùlé kan bá yà kúrò, ó dànù.

Ohun tó ń fi sílẹ̀ fún ẹ̀rọ níbẹ̀ ni ara ògiri, ìpẹ́pẹ́ ọ̀dà, páànù tó ti dípẹtà, ìkùukùu. Kò sẹ́ni tó máa ka ìpẹ́pẹ́ ọ̀dà. Kódà níbẹ̀, ó ní ohun tó ń bá a jà. Ojú ọ̀run tí ẹ̀rọ ń fún un mọ́ jù. Ẹni tó bá gbé Pọ́tákọ́ọ̀tù láti ọdún 2016 tí èérí dúdú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà sílé ènìyàn mọ̀ bí etí fèrèsé ṣe ń rí láàárọ̀, mọ bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọdé tó rìn nínú pálọ̀ ṣe ń dúdú. Ó ní kí ẹ̀rọ fi èérí sí ògiri, ẹ̀rọ fi ìdọ̀tí sí i. Ilé náà wá dà bí èyí tí wọ́n ti kó kúrò. Èérí Pọ́tákọ́ọ̀tù ń bà sórí ilé tó mọ́, tí wọ́n ń gbálẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ibi tó pẹlẹbẹ ló ń dì sí, kì í ṣe ara ògiri: orí etí fèrèsé, orí ìdérí tánkì omi, orí àgbájọ wáyà. Ọwọ́ ló fi kun ìyẹn, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ dúdú kan lórí ohun gbogbo tó pẹlẹbẹ, ó sì gbà á ní àkókò tí kò tó èyí tó fi ń bẹ ẹ̀rọ.

Dúrọ́ọ̀mù bọ̀ọ̀lì pàápàá, ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń gbé wá ni ààrò òyìnbó tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta àti ìdérí. Ó sì ń kọ lẹ́tà tí kò sí lédè kankan sára pátákó ẹ̀yìn. Àwọn yẹn kò bà á lẹ́rù, nítorí àṣìṣe tó ń pariwo ni wọ́n. Ó pa wọ́n rẹ́, ó ya tirẹ̀, ó tẹ̀síwájú.

Ibi tí mo ti wo iṣẹ́ rẹ̀ jù ni ọwọ́ obìnrin náà. Àwòrán 48 ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin yẹn. Méje nínú wọn ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní kíì, ìyẹn àwọn ibi tí ara ti dé ìparí ìrìn kan tàbí ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn: ọwọ́ lórí itan, ọwọ́ lókè iná, ìka lára bọ̀ọ̀lì, bọ̀ọ̀lì nínú afẹ́fẹ́, ìka lẹ́nu, ojú tó gbé sókè, ẹnu tó là. Láàárín kíì méjì ni àwòrán kan tó ń sọ ọ̀nà tí ara máa gbà láti ibi kan dé ìkejì. Mẹ́fà nìyẹn, màá pè wọ́n ní afọ̀nàhàn. Ìyókù, 35, ni àwọn àárín. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n máa ń fún ọmọ iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ńlá, àwọn náà ni àwọn tó ń ta ẹ̀rọ sọ pé ẹ̀rọ máa gbà lọ́wọ́ wa. Ní ọdún 2024, àwọn olùwádìí kan gbé ToonCrafter jáde fún iṣẹ́ yìí gan-an: o fún un ní àwòrán méjì, ó ya àárín wọn. Àwòrán tó ń dá padà kéré, 512 sí 320, nítorí náà ìlà rẹ̀ kò mú tó ohun tí wọ́n máa gbé sí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n kọ́ ni ìṣòro tó fi hàn mí.

Ó fún un ní kíì tí ọwọ́ wà lókè iná àti èyí tí ìka wà lára bọ̀ọ̀lì. Ẹ̀rọ dá àárín rẹ̀ padà, kò sí ìlà tó já, kò sí ìka tó sọnù. Ó ní kí n wò ó. Mo wò ó, mo ní ó dára. Ó wá gbé èyí tó fọwọ́ ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú ti ẹ̀rọ, bọ̀ọ̀lì náà tutù.

Àlàfo ló fà á. Ẹ̀rọ pín ọ̀nà láàárín àwòrán méjì ní dọ́gbadọ́gba, ọwọ́ ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó wà nínú omi, ó kan bọ̀ọ̀lì, ó yí i. Obìnrin tó ti ń sun bọ̀ọ̀lì fún ogún ọdún kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ dúró díẹ̀ lókè ooru, ìka á ṣí, á wá sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, ọmọbìnrin yìí ti ya àkàsọ̀ kékeré kan bí àwọn oníṣẹ́ ayé àtijọ́ ṣe ń ṣe é, ìgbésẹ̀ rẹ̀ sì ṣù pọ̀ sókè, ó jìnnà síra nísàlẹ̀: àwòrán mẹ́rin níbi tí ọwọ́ ti ń ṣiyèméjì, ẹyọ kan ṣoṣo níbi tí ìka ti kan bọ̀ọ̀lì, méjì fún bọ̀ọ̀lì nínú afẹ́fẹ́. Àwòrán ẹyọ kan yẹn kò ju ìdá méjìlá ìṣẹ́jú-àáyá lọ, òun ló sì ń sọ fún ọmọdé tó ń wò ó pé iná wà níbẹ̀. Bí o bá fi méjì kún un, iná ti kú.

Mo bi í bóyá kò lè kọ́ ẹ̀rọ ní àkàsọ̀ yẹn. Ó ní ó lè fi kíì púpọ̀ sí i há a mọ́, àmọ́ nígbà tó bá fi máa há a mọ́ tán, ó ti fọwọ́ ya gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Ohun kejì tó fi hàn mí ni ọrùn-ọwọ́. Ó fi àmì pupa kékeré sí ọrùn-ọwọ́ obìnrin náà nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, ó sì tan gbogbo wọn lé ara wọn. Nínú tirẹ̀, àmì náà tò bí ọrun ọfà, nítorí apá ń yípo láti ìgúnpá. Nínú ti ẹ̀rọ, ó gba ojú ọ̀nà tààrà láti kíì dé kíì. Àwòrán méjì nìkan ni ẹ̀rọ rí, kò mọ̀ pé ìgúnpá wà, ó kàn ń da èkíní pọ̀ mọ́ èkejì. Nígbà tí ọ̀nà bá sì tọ́ níbi tó yẹ kó tẹ̀, apá á kúrú láàárín, á tún gùn padà. Ojú kò rí i bí apá tó kúrú, ó kàn rí obìnrin tí kò ní egungun.

Ibi tó burú jù ni ìgbà tí àtẹ́lẹwọ́ bá yí padà. Kíì kan fi ẹ̀yìn ọwọ́ hàn, èkejì fi àtẹ́lẹwọ́ hàn, àtàǹpàkò ní láti kọjá síwájú ìka yòókù. Ẹ̀rọ kò rí ẹni tó kọjá, nítorí náà ó mú kí ọ̀kan yòrò sínú èkejì, férémù kan wà tí ìka mẹ́fà wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní ka ìka mẹ́fà láàárín ìdá méjìlá ìṣẹ́jú-àáyá. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kì í fi ń jẹ́ kí fíìmù ṣiṣẹ́ nígbà tó bá ń yẹ irú rẹ̀ wò. Á máa tẹ̀ ẹ́ ní férémù kọ̀ọ̀kan, á yí i padà bí ìgbà tí dígí bá yí ojú ènìyàn padà, lẹ́yìn náà á kun gbogbo ọwọ́ náà ní dúdú kí ó lè ku òjìji nìkan. Bí òjìji náà kò bá jọ ọwọ́ mọ́, àwòrán náà kò dára, ohun yòówù kó wà nínú rẹ̀.

Torí náà ó la obìnrin náà sí abala-abala. Ọwọ́ ọ̀tún, ojú àti ẹnu, tirẹ̀ ni gbogbo wọn, láti kíì dé àárín. Èjìká tó ń mì díẹ̀ nígbà tí obìnrin náà ń mí, etí gèlè tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, àti èéfín, ó gbé wọn fún ẹ̀rọ, ó sì gba ọ̀pọ̀ nínú ohun tó dá padà. Àlàfo èjìká tó ń mì dọ́gba ní tòótọ́, èéfín kò ní egungun. Aṣọ náà dá wàhálà tirẹ̀ sílẹ̀. Àǹkárá ni obìnrin náà ró, òdòdó ara rẹ̀ sì ń rìn lára rẹ̀ nínú ohun tí ẹ̀rọ ṣe, ó ń parẹ́ níbí, ó ń hù níbẹ̀, nítorí ẹ̀rọ ń ya òdòdó náà tuntun ní férémù kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí ẹ̀rọ ya aṣọ náà láìní òdòdó, òdòdó tó fọwọ́ ya lẹ́ẹ̀kan ló wá fi bo aṣọ náà nígbà tó ń to gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Mo rántí fíìmù Spider-Man: Into the Spider-Verse ti ọdún 2018, èyí tó gba ẹ̀bùn Oscar ní ọdún tó tẹ̀lé e. Nínú rẹ̀, àwọn oníṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí Miles, ọmọdé tí kò tíì mọ agbára rẹ̀ lò, gba àwòrán 12 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí Peter, ọ̀gá tó ń kọ́ ọ, ń gba 24 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú igbó. Ẹ̀rọ tó bá dé tó ní òun máa fi àárín kún ti Miles kó lè rìn geere, ó ti pa ìtàn ọmọ yẹn. Bẹ́ẹ̀, àwọn kan náà ló fi ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ya ìlà yínkì tó wà lójú àwọn ènìyàn inú fíìmù náà. Ayàwòrán á kọ́kọ́ fọwọ́ fa ìlà sójú, ẹ̀rọ á kọ́ ibi tí ẹni yẹn fẹ́ràn láti máa fà á sí, á wá dábàá fún férémù tó kàn, ayàwòrán á sì gbà á tàbí kó ti ìlà náà síbi tó yẹ. Ọwọ́ tí ẹ̀rọ ń kọ́ wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Èyí ni mo rí tó sún mọ́ ohun tí ọmọbìnrin yìí ń ṣe jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò ní owó Sony tó gbé fíìmù náà jáde.

Ti ẹnu ló kù, ibẹ̀ ni mo ti wúlò. Láti mọ ìgbà tí ẹnu máa là àti ìgbà tó máa pa dé, ó ń lo Rhubarb Lip Sync, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀rọ yìí kì í dá nǹkan tuntun sílẹ̀, ó kàn ń gbọ́ ohùn, ó sì ń pín in sí irú ẹnu tí àwọn oníkáàtúùnù ti ń lò láti ayé ọjọ́un: A fún ètè tó pa pọ̀, B fún ẹnu tó ṣí díẹ̀ tí eyín sún mọ́ra, C àti D fún ẹnu tó là, E àti F fún ètè tó ká, X fún ìsinmi, àti méjì mìíràn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà kan fún èdè mìíràn:

```
rhubarb -r phonetic -f tsv -o bole.txt bole.wav
```

Ohun tó ń jáde ni àkókò àti lẹ́tà, ọ̀kan lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Fún pijin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun tó fọwọ́ kàn. Ó wá gbé ti Yorùbá sí i. “Ẹ gba bọ̀ọ̀lì, ó gbóná, epo ẹ̀ pọ̀!” Ètè pa dé nígbà márùn-ún nínú rẹ̀: ní gba, ní bọ̀ọ̀lì, ní gbóná, ní epo, ní pọ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ níwájú dígí. Ẹ̀rọ rí ti bọ̀ọ̀lì. Ó rí epo àti pọ̀. Ti gba àti gbóná, ó gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́nà ọ̀fun nìkan, ó fi B síbẹ̀, ẹnu obìnrin náà sì ṣí díẹ̀ níbi tó yẹ kó pa dé. Àwa tó ń sọ èdè yìí máa ń pa ètè dé, a sì ń di ẹ̀yìn ahọ́n mọ́ òkè ẹnu nígbà kan náà. Ìkwéré náà ń kọ gb àti kp, nítorí náà àṣìṣe kan náà lè máa dúró de èyí tí wọ́n máa sọ fún àwọn ọmọ onílẹ̀.

Àṣìṣe yìí ni irú èyí tí ń fara pamọ́. Nínú fáìlì, lẹ́tà ni, kò sí ẹni tó máa rí i. Nígbà tí mo wo àwòrán náà láìsí ohùn, kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí ohùn bá a, ó dà bíi pé obìnrin mìíràn ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ẹni tí à ń wò. Ọ̀nà tó gbà tún un ṣe rọrùn: ó jẹ́ kí ẹ̀rọ to gbogbo ìyókù, ó wá fi etí ara rẹ̀ wá gbogbo gb, ó fi A síbẹ̀, ó sì fà á ṣáájú ohùn ní férémù kan tàbí méjì, nítorí ètè gbọ́dọ̀ ti pa dé kí ìró tó jáde. Iṣẹ́ kékeré ni, ó sì dá mi lójú pé kò sí ẹni tó máa dúpẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu tó bá tọ́, kò sẹ́ni tó ń kíyè sí i.

Ìrísí obìnrin náà, ojú rẹ̀, gèlè rẹ̀, bó ṣe sanra tó, kò fi ẹ̀rọ kàn án rárá. Kò pẹ́ nínú àlàyé rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2023, ọ́fíìsì tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ní Amẹ́ríkà sọ nípa ìwé kan tó ń jẹ́ Zarya of the Dawn pé ọ̀rọ̀ àti bí wọ́n ṣe to ìwé náà ni ẹni tó ṣe é lè ní, àwọn àwòrán tí Midjourney yà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó ni wọ́n. Òun sì fẹ́ ta oníbọ̀ọ̀lì yìí lọ́jọ́ kan sára báàgì iléèwé àwọn ọmọdé. Ní ti kíkun ọ̀dà sínú ìlà, ó ti gbé ìyẹn sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tipẹ́. Ibi tí ìlà kò bá ti pa dé, ọ̀dà á dà jáde, gbogbo férémù á pupa, ojú á rí i kíá.

Ohun tí kò tíì pinnu ni òjò. Àwòrán tó kàn, òjò dé bá oníbọ̀ọ̀lì, ó sáré fi ọ̀rá bo ẹja, omi ń ṣàn lórí títì. Ó ti dán òjò ẹ̀rọ wò, òjò náà dára, ó bọ́ sí gbogbo ibi. Òun ló wá dá wàhálà sílẹ̀: lórí irin tó gbóná, omi kò gbọdọ̀ ṣàn, ó gbọ́dọ̀ ta kí ó sì di èéfín, àwọn ẹ̀kán tó ń ta náà kò sì gbọdọ̀ pọ̀, nítorí èédú kò tíì kú. Ó ní bóyá kí òun ya ẹ̀kán mẹ́wàá péré fúnra òun, kí òun fi ìyókù títì sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Tàbí kí òun yí ìtàn padà, kí obìnrin náà ti ní agboòrùn ńlá látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mò ń bọ̀, ó ń ya agboòrùn náà wò.